Orin Ọ̀fẹ́ àbí Orin Olówó Oṣooṣù: Ohun Tí Spotify, YouTube Music àti Audiomack Ń Gbà Lọ́wọ́ Yín

Tí ẹ bá béèrè lọ́wọ́ ẹni tó ń gbọ́ orin lọ́fẹ̀ẹ́ lórí fóònù pé kí ló ń yọ ọ́ lẹ́nu, ìpolówó ló máa kọ́kọ́ dárúkọ. Bẹ́ẹ̀, ìpolówó ló fúyẹ́ jù nínú gbogbo ohun tí a fi ń san owó orin ọ̀fẹ́. Ó dé, ó sì tún kọjá lọ. Èyí tó wúwo ni àṣẹ tí áàpù gbà mọ́ wa lọ́wọ́: àṣẹ láti yan orin tó wù wá, láti fo èyí tí kò wù wá, àti láti máa gbọ́ orin lọ nígbà tí dátà ti tán. Áàpù kọ̀ọ̀kan ló sì ní èyí tó ń gbà jù. Spotify ń dí yíyan lọ́wọ́, YouTube Music ń gba ojú fóònù, Audiomack ń ka iye orin tí ẹ lè fi pamọ́, Apple Music kò sì ṣílẹ̀kùn rárá fún ẹni tí kò bá sanwó. Ẹni tó bá mọ èyí tí òun lè yááfì nínú wọn ti mọ áàpù tó yẹ òun.

Ìbéèrè mẹ́ta ni mo fi ń wọn áàpù wọ̀nyí. Èkíní, ta ló ń yan orin tó ń dún, ṣé èmi ni àbí áàpù? Ìkejì, tí orin kan kò bá wù mí, ẹ̀ẹ̀melòó ni mo lè fò ó kí wọ́n tó dá mi dúró? Ìkẹta, tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá lọ tàbí tí mo bá pa ojú fóònù tí mo sì ti í bọ àpò, ṣé orin á ṣì máa dún? Owó tẹ̀ lé e, ṣùgbọ́n kì í ṣe owó oṣooṣù nìkan. Dátà tí ẹ fi ń gbọ́ orin "ọ̀fẹ́" náà, owó ni.

Ibi tí fífò mẹ́fà ti wá

Tí Spotify ọ̀fẹ́ bá ń fi ṣọ́fù lu orin lórí fóònù, ẹ̀ẹ̀mẹ́fà péré lẹ lè fo orin láàárín wákàtí kan kí wọ́n tó dá yín dúró. Èèyàn lè rò pé wọ́n kàn fẹ́ fi fífò mẹ́fà yìí bí àwọn olùgbọ́ nínú ni. Ó ní ìtàn. Òfin kan tí wọ́n ṣe ní Amẹ́ríkà ní 1998 ya oríṣi ilé iṣẹ́ orin méjì sọ́tọ̀ lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Èyí tó bá ń ṣe bíi rédíò, tí olùgbọ́ kò lè pàṣẹ orin, lè san owó tí ìjọba là sílẹ̀ kó sì máa lu orin lọ, láìjẹ́ pé ó kọ́kọ́ lọ bá ilé iṣẹ́ orin kọ̀ọ̀kan dúnàádúrà. Àmọ́ ó ní ìkálọ́wọ́kò: láàárín wákàtí mẹ́ta, kò gbọdọ̀ lu ju orin 3 lọ láti inú àwo kan náà, tàbí ju 4 lọ láti ọwọ́ olórin kan náà. Èyí tó bá jẹ́ kí olùgbọ́ yan orin fúnra rẹ̀ gbọ́dọ̀ lọ bá àwọn tó ni orin, iye tí wọ́n bá sì pè ni yóò san.

Pandora, ilé iṣẹ́ orin orí íńtánẹ́ẹ̀tì kan ní Amẹ́ríkà tó bẹ̀rẹ̀ ní 2005, wà lápá rédíò. Tí wọ́n bá jẹ́ kí èèyàn máa fo orin bó ṣe wù ú, á kàn máa fò ó títí tó fi máa kan èyí tó ń wá, ìyẹn á sì ti di yíyan. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi fi fífò mọ sí mẹ́fà ní wákàtí kan lórí ìkànnì kọ̀ọ̀kan. Nígbà tí Spotify náà ṣí orin ọ̀fẹ́ sílẹ̀ lórí fóònù ní oṣù Kejìlá 2013, ṣọ́fù ni wọ́n gbé jáde, ìyẹn ni pé áàpù fúnra rẹ̀ ló ń da orin rú tó sì ń mú èyí tó bá wù ú, wọ́n sì fi fífò mẹ́fà tì í. Torí náà, fífò àti ṣọ́fù, ohun kan náà ni wọ́n ń ṣọ́: kí ẹni tí kò sanwó má baà rí ohun tí ẹni tó sanwó ń rí. Ẹ fi èyí sọ́kàn, torí òun ló máa jẹ́ kí ìyókù yé yín.

Spotify

Oṣù Kejì 2021 ni Spotify wọ Nàìjíríà, ₦900 lóṣù ni wọ́n sì pe owó ẹni kan nígbà náà. Owó náà ti gòkè látìgbà yẹn, nítorí náà inú áàpù ni kí ẹ ti wo ti òní.

Ti ọ̀fẹ́ rẹ̀ ló yí padà jù láìpẹ́ yìí. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, ẹni tí kò sanwó kò lè tẹ orin kan pàtó lórí fóònù kó sì dún, àfi nínú àwọn àkójọ díẹ̀ tí áàpù náà fúnra rẹ̀ bá tò fún un. Ní oṣù Kẹsàn-án 2025, wọ́n dẹ okùn náà. Ní báyìí, ẹ lè wá orin kan, kí ẹ tẹ̀ ẹ́, kó dún. Tí ọ̀rẹ́ bá fi orin ránṣẹ́ sí yín, ẹ lè ṣí òun gan-an. Àmọ́ ìwọ̀n kan ló wà fún un lójúmọ́. Tí ìwọ̀n náà bá ti tán, ṣọ́fù àti fífò mẹ́fà tún dé. Báyìí lẹ ṣe máa mọ̀: orin tí ẹ tẹ̀ láàárọ̀ tó sì dún wẹ́rẹ́, tí ẹ bá tẹ̀ ẹ́ lálẹ́, òmíràn ni áàpù máa mú jáde. Fóònù yín kò bàjẹ́, ìpín ọjọ́ náà ló tán.

Ẹ jẹ́ ká wo ohun tí fífò mẹ́fà túmọ̀ sí gan-an. Ká ní àwo orin kan ní orin 12, ọ̀kan ṣoṣo lẹ sì fẹ́ gbọ́ nínú rẹ̀, ìpín yíyan yín sì ti tán lónìí. Ẹ tẹ bọ́tìnnì, áàpù mú ọ̀kan wá, kì í ṣe òun. Ẹ fò ó. Ẹ fo èkejì, ẹ fo ẹ̀kẹta, títí tí ẹ fi lo gbogbo fífò mẹ́fà. Orin 7 péré ni ẹ ti kàn nínú 12. Ìyẹn ni pé tí èèyàn 12 bá ṣe bẹ́ẹ̀, á fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé èèyàn 7 ló máa bá orin rẹ̀ pàdé, àwọn 5 yòókù á jókòó gbọ́ ohun tí áàpù bá fún wọn títí wákàtí á fi yí. Tó bá jẹ́ àkójọ tí ẹ fọwọ́ ara yín tò ni, tí orin inú rẹ̀ kò sì pọ̀, ó tún burú sí i, nítorí Spotify ọ̀fẹ́ a máa ti orin tí ẹ kò yàn bọ irú àkójọ bẹ́ẹ̀.

Irú orin tí ẹ ń gbọ́ tún ṣe pàtàkì níbí. Orin àwọn ọ̀dọ́ òde òní kì í sábà ju ìṣẹ́jú mẹ́ta lọ, nǹkan bí ogún ló ń wọ wákàtí kan, nítorí náà fífò mẹ́fà kì í pẹ́ tán. Fújì àti jùjú àtijọ́ kò rí bẹ́ẹ̀. Ojú kan àwo ayé ìgbà yẹn lè jẹ́ orin kan ṣoṣo tó gùn tó ìṣẹ́jú 15 sí 20. Mẹ́ta tàbí mẹ́rin ló ń wọ wákàtí, ẹ kò tiẹ̀ ní lo fífò mẹ́fà tán. Ṣọ́fù ni ọ̀tá irú orin bẹ́ẹ̀. Olórin ti júbà lójú kìíní, ó ti sọ ohun tó gbé e wá, ó sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í kí àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ kí ojú kejì tó dé. Tí áàpù bá wá gbé ojú kejì ṣáájú, oríkì àwọn tí ẹ kò tíì mọ̀ lẹ máa kọ́kọ́ gbọ́, lẹ́yìn náà ni ìbà á wá dé. Ẹni tó bá fẹ́ràn orin wọ̀nyí mọ̀ pé ìyẹn ò dára rárá.

Ní ti ìpolówó, àárín orin ló ń wọlé. Ẹ má ṣe ìyọnu láti pa ohùn rẹ̀: tí ẹ bá yí ohùn wálẹ̀ pátápátá, ìpolówó náà á dúró dè yín, á sì máa bá a lọ nígbà tí ẹ bá gbé ohùn sókè.

Ọ̀nà àbùjá méjì wà tí ọ̀pọ̀ èèyàn kò mọ̀. Lórí kọ̀ǹpútà, Spotify ọ̀fẹ́ jẹ́ kí ẹ tẹ orin tó bá wù yín, ìpolówó nìkan ló kù. Ẹni tó ń jókòó sídìí kọ̀ǹpútà láti àárọ̀ dé ìrọ̀lẹ́ kò nílò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ìkejì, orin ni ẹni ọ̀fẹ́ kò lè fi pamọ́ sórí fóònù, ṣùgbọ́n ètò ọ̀rọ̀ sísọ tó wà bíi pọ́dìkáàsì ṣeé fi pamọ́ lọ́fẹ̀ẹ́. Ìwàásù pásítọ̀ tàbí wáàsí àlùfáà tí wọ́n bá gbé síbẹ̀ ní irú ètò bẹ́ẹ̀, ẹ lè dáńlóòdù rẹ̀ kí ẹ sì gbọ́ ọ lójú ọ̀nà láìlo dátà.

Ẹni tó bá sanwó Premium kò ní ìpolówó láàárín orin mọ́, ó ń yan bó ṣe fẹ́, ó ń fò bó ṣe fẹ́, ó sì lè fi orin tó tó 10,000 pamọ́ sórí fóònù kan, lórí ẹ̀rọ márùn-ún lápapọ̀. Ohùn orin náà tún dán sí i: ti ọ̀fẹ́ kì í kọjá 160 kbps, ti Premium ń dé 320 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ.

YouTube Music

Níbí, yíyan kò ní ìṣòro. Ẹ wá orin, ẹ tẹ̀ ẹ́, ó dún. Ohun tí wọ́n gbà ni ojú fóònù yín. Bí ẹ bá ṣe pa á tàbí tí ẹ bọ́ sínú WhatsApp láti dáhùn ọ̀rọ̀ kan, orin dákẹ́. Ẹni tó ń gun ọ̀kadà kò lè ti fóònù tí ojú rẹ̀ ń tàn bọ àpò, kó má tẹ ohun tí kò fẹ́ tẹ̀. Ẹni tó ń dáná náà kò lè gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ ààrò kó gbàgbé rẹ̀ síbẹ̀, torí bátìrì ń lọ ní gbogbo ìgbà tí ojú fóònù bá ń tàn.

Dátà tún wà níbẹ̀. Orin tó bá ní fídíò, fídíò náà ló máa ń wá pẹ̀lú rẹ̀, bẹ́ẹ̀ bọ́tìnnì tí a fi ń sọ pé ohùn nìkan la fẹ́ wà lára ohun tí Premium ń fún èèyàn. Nípa bẹ́ẹ̀, ẹni ọ̀fẹ́ ń fi dátà wo ohun tí kò wò. Fún ẹni tó ń ra dátà ní díẹ̀díẹ̀, mi ò lè sọ pé kó lo YouTube Music ọ̀fẹ́ lójú ọ̀nà. Nílé tó ní Wáìfáì, ó dára púpọ̀, pàápàá fún orin àtijọ́, torí oríṣiríṣi èèyàn ti gbé àwo bàbá wọn sórí YouTube, àwo tí ẹ kò ní rí níbòmíràn.

Tí ẹ bá sanwó, orin á máa dún bí ojú fóònù bá kú, ẹ ó lè fi pamọ́, ẹ ó sì lè pa fídíò. Àwọn tó wà ní Amẹ́ríkà ní láti ṣọ́ra fún ohun kan: ètò olówó pọ́ọ́kú tó ń jẹ́ Premium Lite tí YouTube gbé jáde níbẹ̀ ní 2025 kì í mú ìpolówó kúrò lórí orin. Ẹ sanwó o, ẹ ó sì tún máa gbọ́ ìpolówó níbi tí ẹ torí rẹ̀ sanwó.

Audiomack, Boomplay àti Apple Music

Nínú gbogbo wọn, Audiomack ọ̀fẹ́ ló na ọwọ́ jù sí ẹni tí kò lówó. Ẹ lè yan orin, ẹ lè fò ó títí, ojú fóònù lè kú kí orin máa dún. Ìpolówó wà. Ibi tí odi wọn wà ni ìfipamọ́: àwọn orin kan wà tí ẹnikẹ́ni lè dáńlóòdù, àwọn kan wà tó jẹ́ pé ẹni ọ̀fẹ́ kò lè ní ju 20 lọ nínú wọn lẹ́ẹ̀kan náà, àwọn kan sì wà fún ẹni tó sanwó nìkan. Tí 20 bá pé, ẹ yọ ọ̀kan kí òmíràn lè wọlé. Orin 20 tí ọ̀kọ̀ọ̀kan gùn ní ìṣẹ́jú mẹ́ta ààbọ̀, ìṣẹ́jú 70 nìyẹn. Ó tó ìrìn àárọ̀ kan, kò tó ti Èkó sí Ìlọrin.

Àléébù rẹ̀ ni pé ọ̀pọ̀ orin ibẹ̀ jẹ́ èyí tí olórin tàbí díjéè fúnra wọn gbé sókè. Ohùn àwọn kan kò mọ́, ẹni tó ni orin sì lè ní kí wọ́n yọ ọ́, kó sì pòórá nínú àkójọ yín.

Boomplay, tí ọ̀pọ̀ èèyàn bá lórí fóònù Tecno tàbí Infinix tuntun wọn, ní ìpolówó lápá ọ̀fẹ́, ó sì ní orin tó jẹ́ pé ẹni tó sanwó nìkan ló lè fi pamọ́. Ohun tí mo fẹ́ràn nínú rẹ̀ ni pé ó gbé ètò olówó kékeré ti ọjọ́ kan tàbí ọ̀sẹ̀ kan kalẹ̀, èyí tó bá bí ọ̀pọ̀ wa ṣe ń náwó mu ju oṣù odindi lọ. Orin tí ẹ bá dáńlóòdù níbẹ̀ kò ṣeé fi ránṣẹ́ sí fóònù ẹlòmíràn, inú Boomplay nìkan ló ti ń dún.

Apple Music kò ní apá ọ̀fẹ́ àti ìpolówó. Àsìkò ìdánwò ló wà, lẹ́yìn rẹ̀ ẹ sanwó tàbí kí ẹ jáde.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò dátà

Ká mú ẹni kan tó ń wọkọ̀ láti Ìkòròdú lọ sí Erékùṣù Èkó, tó ń gbọ́ orin fún wákàtí méjì lójúmọ́, ọjọ́ 26 lóṣù. Wákàtí 52 nìyẹn. Tó bá lo Spotify ọ̀fẹ́ ní ìwọ̀n tí wọ́n kọ Normal sí, ìyẹn 96 kbps, wákàtí kan ń jẹ nǹkan bí 43 MB. Lóṣù, ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 2.2 GB, a ò tíì ka ìpolówó mọ́ ọn.

Ká ní ó sanwó Premium, tó fi orin 100 pamọ́ ní ìwọ̀n yẹn kan náà lọ́jọ́ kìíní oṣù. Ìṣẹ́jú 350 lorin 100 náà, dátà rẹ̀ jẹ́ nǹkan bí 250 MB. Lọ́sẹ̀ mẹ́ta tó kù, ó ń pààrọ̀ orin 25 lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, nǹkan bí 190 MB sì ni gbogbo rẹ̀. Àpapọ̀ kò tó 450 MB. Ó ti dá nǹkan bí 1.8 GB sí, tó bá sì jẹ́ Wáìfáì ibi iṣẹ́ ló fi dáńlóòdù, ó dá gbogbo 2.2 GB sí. Ẹ wo iye tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì yín ń ta irú dátà bẹ́ẹ̀, kí ẹ gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ owó oṣooṣù. Láti oṣù Kìíní 2025 tí àjọ NCC ti gbà kí àwọn ilé iṣẹ́ nẹ́tíwọ́ọ̀kì fi tó ìdá 50 nínú ọgọ́rùn-ún kún owó wọn, ìṣirò yìí ti sún mọ́ ẹ̀gbẹ́ àwọn tó ń sanwó ju tàtẹ̀yìnwá lọ.

Àmọ́ ẹni tó bá ní Wáìfáì nílé àti níbi iṣẹ́, tí kì í gbọ́ orin lójú ọ̀nà, kò dá nǹkan kan sí. Yíyan àti ìdákẹ́jẹ́ ló ń rà.

Ohun tó ń já àwọn tó sanwó kulẹ̀

Orin tí ẹ fi pamọ́ kì í ṣe tiyín, ẹ yá a ni. Spotify àti YouTube Music ń fẹ́ kí fóònù náà bọ́ sórí íńtánẹ́ẹ̀tì ó kéré tán lẹ́ẹ̀kan láàárín ọjọ́ 30. Ẹni tó bá lọ sí àgùnbánirọ̀ níbi tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì kò sí lè ṣàdédé rí i pé orin kò dún mọ́. Tí káàdì báńkì yín bá kọ̀ láti san owó oṣù tuntun, ẹ padà sí ọ̀fẹ́, orin tí ẹ fi pamọ́ á sì di ohun tí ẹ kò lè ṣí. Bákan náà, tí ẹ bá wọlé sórí ẹ̀rọ kẹfà tí ẹ sì dáńlóòdù síbẹ̀, Spotify á pa orin rẹ́ lórí ọ̀kan nínú àwọn ti tẹ́lẹ̀.

Ọ̀nà tí ẹ fi lè yẹ̀ ẹ́ wò kí ẹ tó rìnrìn àjò rọrùn. Ẹ fi fóònù sí fláìtì móòdù, kí ẹ tẹ orin mẹ́ta láti ibi mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ nínú àkójọ. Àmì ọfà aláwọ̀ ewé tí Spotify fi sẹ́gbẹ̀ẹ́ orin ń sọ pé ó ti wà lórí fóònù, ṣùgbọ́n dídún rẹ̀ nìkan ló dáni lójú.

Ta ló yẹ kó mú èwo

Akẹ́kọ̀ọ́ tí dátà rẹ̀ kò pọ̀, tí orin tuntun sì ni tirẹ̀, kó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú Audiomack ọ̀fẹ́, kó máa pààrọ̀ orin 20 rẹ̀. Tó bá fẹ́ sanwó, Spotify ní ètò akẹ́kọ̀ọ́ tó rọjú.

Ẹni tó ń gbọ́ orin nídìí kọ̀ǹpútà, kó dúró sí Spotify ọ̀fẹ́. Mi ò rí ìdí tó fi yẹ kó sanwó.

Ẹni tó ń wà nínú ọkọ̀ lójoojúmọ́, tó sì ń fi dátà fóònù gbọ́ ọ, kó sanwó. Tí ẹ bá jẹ́ ìdílé kan nínú ilé kan, ètò ìdílé Spotify gba èèyàn mẹ́fà, tí ẹ bá pín owó rẹ̀, kò ní wọ́n ẹnikẹ́ni lára.

Ẹni tó fẹ́ràn fújì, jùjú àti àpàlà àtijọ́, YouTube Music ni mo máa ní kó san owó rẹ̀, torí ibẹ̀ ni àwo tó ṣọ̀wọ́n wà, ojú fóònù tí wọ́n gbà lọ́wọ́ ẹni ọ̀fẹ́ sì ni irú orin gígùn bẹ́ẹ̀ kò lè fara dà. Ta ló fẹ́ tan iná fóònù sílẹ̀ fún ogún ìṣẹ́jú torí orin kan?

Àwọn tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù tàbí Amẹ́ríkà tó ń san owó Amazon Prime tẹ́lẹ̀, ẹ má rò pé orin inú rẹ̀ ti tó. Láti oṣù Kọkànlá 2022 ni wọ́n ti ṣí orin tó lé ní mílíọ̀nù 100 sílẹ̀ níbẹ̀ láìsí ìpolówó, àmọ́ ṣọ́fù ni púpọ̀ nínú rẹ̀, àfi tí ẹ bá tún fi owó kún un. Ìyá tó bá sì fẹ́ wá kí ọmọ rẹ̀ níbẹ̀ láti Nàìjíríà, tó ń lo Spotify ọ̀fẹ́, kó mọ̀ pé ọjọ́ 14 péré ni àkáǹtì ọ̀fẹ́ fi ń ṣiṣẹ́ nílẹ̀ òkèèrè. Tó bá máa pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ, kí ọmọ bá a sanwó Premium kó tó kúrò nílé, torí èyí kò ní gbèdéke ọjọ́, tàbí kó bá a yí orílẹ̀-èdè àkáǹtì náà padà tó bá ti dé.